Ìdúpẹ́ Ìparí Sẹ́mínà: Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Tó Gba Etí Gbogbo Ọjọ́

Tó bá ti di ọ̀sán pọ́n níbi sẹ́mínà àwọn agbẹ̀bí, ojú á ti máa kúrò lára ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Àwọn kan á máa wo ẹnu ọ̀nà tí òórùn jọ̀lọ́ọ̀fù ti ń wọlé. Àwọn mìíràn á ti lọ tò sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń pín ìwé ẹ̀rí, wọn ò sì jẹ̀bi, nítorí pé ìwé yẹn kì í ṣe ìwé lásán. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà ń tún ìwé àṣẹ iṣẹ́ wọn gbà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi hàn àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà pé àwọn lọ síbi ẹ̀kọ́ àfikún. Àsìkò yìí gan-an ni olùdarí ètò máa ń kéde pé ó ku ìdúpẹ́. Ẹnì kan á dìde, á gba máìkì, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ fún àwọn tó ti ń kó báàgì wọn.

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìdúpẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí olùkọ́ tó wá láti ọ̀nà jíjìn máa gbọ́ kó tó wọ ọkọ̀ padà, òun sì ni yóò sọ fún un bóyá ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tó wá sọ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe kì í lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn, á sọ ohun kan, ó kéré tán, nípa olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, tí ẹni tí kò sí nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ yẹn kò lè sọ. Ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Ẹni tó bá kọ ìdúpẹ́ rẹ̀ parí nílé kò lè ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdúpẹ́ níbi ìpàdé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Ìpinnu gbogbo ilé ni. Nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan á dábàá pé kí ilé dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gágun tó ṣẹ́gun, ilé á sì fọwọ́ sí i. Wọ́n ṣe é fún Nelson lẹ́yìn ogun Náílì ní 1798. Ní 1814, Wellington wá fúnra rẹ̀ sínú ilé àwọn aṣojú láti dá wọn lóhùn. Orílẹ̀-èdè Íńdíà kò tíì fi àṣà náà sílẹ̀: bí Ààrẹ bá ti bá ilé aṣòfin méjèèjì sọ̀rọ̀ tán, wọ́n á jíròrò lórí àbá ìdúpẹ́, wọ́n á sì dìbò lé e lórí. Nínú àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ àti onímọ̀, ìbò ti di àtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kò yí padà. Ẹni tó ń dúpẹ́ ń fi ẹnu rẹ̀ sọ ohun tí gbogbo ilé fẹ́ sọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó tún ẹ̀kọ́ olùkọ́ ṣe níbẹ̀, tàbí kó sọ èrò tirẹ̀ lórí kókó tí àwọn èèyàn ṣì ń jiyàn lé lórí. Kò sẹ́ni tó rán an níyẹn.

Ká mú àpẹẹrẹ kan, ká tẹ̀ lé e láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìparí.

Ká ní ẹgbẹ́ àwọn agbẹ̀bí kan n'Íbàdàn fẹ́ ṣe sẹ́mínà ọjọ́ kan lórí ẹ̀jẹ̀ dídà lẹ́yìn ìbímọ. Olùkọ́ méjì ló máa sọ̀rọ̀. Dókítà tó ń tọ́jú aboyún ni àkọ́kọ́, ó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí aṣọ ọ̀rá tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìyálọ́mọ, èyí tó ní àpò tí wọ́n fa ìlà sí lára kí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lè ṣeé wọ̀n. Apòògùn ni ìkejì, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sì dá lórí bí abẹ́rẹ́ ọsitósìnì, tó ń jẹ́ kí ilé ọmọ sún kì, ṣe gbọ́dọ̀ wà ní tútù láti ibi tí wọ́n ti ṣe é títí dé apá obìnrin tó fẹ́ gbà á. Ẹgbẹ́ wá yan agbẹ̀bí àgbà kan pé òun ni yóò dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ṣe pàtàkì, ó sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ dúpẹ́ mọ̀ ọ́n kó tó wọ gbọ̀ngàn. Ìwádìí ńlá kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2023, tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 80 ní Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà àti Tànsáníà, fi hàn pé níbi tí wọ́n ti ń fojú wọn ẹ̀jẹ̀, nǹkan bí ìdajì àwọn obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà jù lára wọn ni wọ́n tètè rí. Níbi tí wọ́n ti lo aṣọ oníàpò náà, ó lé ní 90 nínú 100. Nígbà tí wọ́n sì fi ìtọ́jú ojú ẹsẹ̀ kún un, ìṣòro ńlá tí ẹ̀jẹ̀ yẹn ń fà fi ìdá 60 nínú 100 dín kù. Agbẹ̀bí tó mọ èyí ṣáájú á mọ ibi tí ọ̀rọ̀ olùkọ́ ti wúwo, kò sì ní lọ máa yìn ín fún ohun tí kì í ṣe kókó.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, egungun ọ̀rọ̀ nìkan ló máa kọ: ìkíni ìbẹ̀rẹ̀, ààyè òfìfo fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, orúkọ alága, orúkọ ilé ìwòsàn tó yá wọn ní gbọ̀ngàn, àti iléeṣẹ́ tó san owó oúnjẹ. Ẹran ara rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó máa mú ìwé pélébé kan lọ, irú èyí tí nọ́ọ̀sì ń fi sínú àpò aṣọ iṣẹ́, á sì jókòó sí ìlà kejì níwájú, níbi tó ti lè rí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ojú àwọn tó ń gbọ́.

Dókítà náà ò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tó fi gbé ìgò omi pupa kan jáde. Ó dà á sórí aṣọ funfun tó tẹ́ sórí tábìlì, ó ní kí àwọn tó wà níbẹ̀ kọ iye tí wọ́n rò pé ó jẹ́. Ọ̀pọ̀ kọ 300 mìlílítà. Dókítà fi han ìgò tó dà á láti inú rẹ̀: 700 ni. Ariwo sọ. Obìnrin kan tó ti ń gbẹ̀bí tipẹ́ gbá orí rẹ̀ mú. Agbẹ̀bí wa kò kọ gbogbo ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, nítorí pé ìyẹn ni àwọn yòókù ń kọ. Ohun tó wà nínú ìwé pélébé tirẹ̀ kò ju báyìí lọ: «omi pupa, a ní 300, 700 ni». Ọ̀rọ̀ márùn-ún sí méje ti tó. Ẹni tó bá ń kọ gbólóhùn gígùn kò ní rí ojú àwọn èèyàn mọ́, ojú wọn ló sì ń sọ fún un ibi tí ẹ̀kọ́ ti wọlé.

Ó ṣe díẹ̀, apòògùn dìde. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dún tó ti àkọ́kọ́, nítorí òǹkà ló pọ̀ nínú rẹ̀: ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ìgbà mélòó lóòjọ́ ni kí wọ́n ka tẹmómítà inú fìríìjì, ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n to abẹ́rẹ́ sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn kan ti ń tòògbé. Ṣùgbọ́n nígbà ìbéèrè, agbẹ̀bí kan tó wá láti ilé ìwòsàn alábọ́dé dìde lẹ́yìn, ó ní iná kì í wà lọ́dọ̀ àwọn ju wákàtí díẹ̀ lọ lóòjọ́, kí ni káwọn ṣe? Apòògùn fi òǹkà sílẹ̀. Ó gbé kúlà kan sórí tábìlì, ó to yìnyín inú ike sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi páálí sí àárín, ó sì gbé abẹ́rẹ́ sí ibi tí kò ti ní fara kan yìnyín, nítorí pé bí ooru ṣe ń ba ọsitósìnì jẹ́ náà ni kò yẹ kó dì. Àwọn tó ń tòògbé ti jí. Ìwé pélébé gba ìlà kejì: «ìbéèrè ẹ̀yìn, iná, kúlà, páálí».

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà nìyí. Wọ́n rò pé ohun tó yẹ káwọn dúpẹ́ fún ni àkòrí tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé ètò. Ṣùgbọ́n àkòrí ti wà níbẹ̀ kí olùkọ́ tó dé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti àwọn tó wà níbẹ̀ ni ẹ̀bùn tó mú wá, òun náà sì mọ̀.

Ní àkókò tíì, agbẹ̀bí àgbà náà ò jókòó. Ó tọ akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ pé ta ló wá, ta sì ni kò wá. Kọmíṣọ́nnà tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ètò kò lè wá, ó rán aṣojú. Àìmọye gbọ̀ngàn ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ níbi báyìí: ìdúpẹ́ tí wọ́n tẹ̀ láti àná á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá «tó jókòó tì wá látàárọ̀», nígbà tí aṣojú rẹ̀ ń wòran lórí pèpéle, tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ rẹ̀. Obìnrin wa pa orúkọ ọ̀gá rẹ́, ó kọ ti aṣojú.

Ó tún lọ bá àwọn olùkọ́ méjèèjì, ó bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ wọn àti oyè tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n fi pe àwọn. Kì í ṣe ohun ìtìjú. Orúkọ Yorùbá tí wọ́n kọ láìfi àmì sí i lè ní ìró méjì sí mẹ́ta, orúkọ Ígbò tàbí ti Ẹ̀fíìkì sì máa ń fọ́ sí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu. Ẹni tí wọ́n fẹ́ yẹ́ sí, tí wọ́n wá pe orúkọ rẹ̀ sódì, etí rẹ̀ ò ní gbọ́ ìyókù.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tí kò sí nínú ìwé ètò kankan. Iná lọ ní aago mọ́kànlá, nígbà tí dókítà ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Kí àwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, jẹnẹrétọ̀ ti gbé e. Agbẹ̀bí wa béèrè ẹni tó wà nídìí rẹ̀, wọ́n fi bàbá kan hàn án tó jókòó sórí àga onírọ́bà lẹ́yìn ògiri.

Nígbà tí wọ́n wá pè é, ohun tó sọ rèé. Lágbájá àti Tàmẹ̀dò ló dúró fún orúkọ àwọn olùkọ́ níhìn-ín:

«Alága wa, ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹgbẹ́ ní kí n bá wọn dúpẹ́, mi ò sì ní pẹ́.

«Dókítà Lágbájá, ẹ ṣeun. Ẹ da omi pupa sórí aṣọ níwájú wa, ẹ ní ká sọ iye rẹ̀. A ní 300. Ẹ fi ìgò hàn wá: 700 ni. Ẹ kò bú wa, ẹ kò fi wá rẹ́rìn-ín, ẹ kàn tẹ́ aṣọ oníàpò sílẹ̀, ẹ ní ká tún un ṣe. A ti rí i fúnra wa.

«Apòògùn Tàmẹ̀dò, Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ ti wá láàárọ̀ yìí. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Nígbà tí akẹgbẹ́ wa tó wà lẹ́yìn béèrè ohun tó máa ṣe tí iná bá lọ, ẹ kò ní kó lọ ra jẹnẹrétọ̀. Ẹ fi kúlà àti páálí hàn án. Ó lè ṣe é lọ́la.

«Alága wa, ẹ fi odindi ìdajì wákàtí sílẹ̀ fún ìbéèrè, ẹ kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ wa. Ẹ kú àbójútó. Aṣojú Kọmíṣọ́nnà, ẹ wá, ẹ sì jókòó títí di ìparí. A dúpẹ́.

«Ilé ìwòsàn tó gbà wá lálejò, ẹ ṣeun tí ẹ fún wa láyè. Iléeṣẹ́ tó bọ́ wa lónìí, ẹ kú ìnáwó. Bàbá tó wà nídìí jẹnẹrétọ̀, iná ò tíì lọ tán tí ẹ fi dá a padà. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbi ìforúkọsílẹ̀ láti aago méje, ẹ kú ìdúró.

«Ẹ̀yin tí ẹ ti ibi iṣẹ́ òru wá tààrà, tí ẹ ò tíì sùn, ẹ kú ìfaradà. Ọlọ́run á mú kálukú délé láyọ̀. Ẹ jẹ́ ká pàtẹ́wọ́ fún gbogbo wọn.»

Ó tán. Bí a bá kà á sókè láìkánjú, kò ní gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ẹni tó bá wò ó dáadáa á rí i pé àwọn olùkọ́ ni ìdúpẹ́ kọ́kọ́ kàn, kí ó tó kan alága. Àwọn àgbà kan kò ní gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ẹni tó ga jù ni kí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ kàn. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Ṣùgbọ́n ìkíni ìbẹ̀rẹ̀ ti fi ipò alága hàn, orúkọ oyè rẹ̀ ló ṣíwájú gbogbo ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tí àwọn èèyàn tìtorí rẹ̀ wá ló yẹ kó gba ìdúpẹ́, nígbà tí etí ṣì wà nílẹ̀. Bí ọba bá wà níjókòó, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀: Kábíyèsí ni wọ́n á kọ́kọ́ kí, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀ tó yẹ, kí wọ́n tó sọ ohunkóhun mìíràn. Kò sì sí ìdí láti tún ka gbogbo àwọn èèyàn ńlá tó wà níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Olùdarí ètò ti ṣe ìyẹn láàárọ̀.

Ìkíni wa tún ràn án lọ́wọ́. Yorùbá kì í fi ìdúpẹ́ kan ṣoṣo bo gbogbo iṣẹ́. Ẹni tó náwó, ẹni tó dúró, ẹni tó rìnrìn àjò, ẹni tó fara da àìsùn, kálukú ló ní tirẹ̀. Èyí ló jẹ́ kó lè fi gbólóhùn kúkúrú kúkúrú kan èèyàn púpọ̀, tí kò sì dà bí ìgbà tí wọ́n ń ka ìwé owó oṣù. Àwọn tó pọ̀, iṣẹ́ wọn ló fi pè wọ́n, kò dárúkọ wọn. Ìyẹn ló gbà á lọ́wọ́ wàhálà tó máa ń gbẹ̀yìn orúkọ kíkà: bó o bá dárúkọ ogún èèyàn, ẹni kọkànlélógún tó o gbàgbé ló máa délé pẹ̀lú ìbínú. Sẹ́mínà bíi èyí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, ẹni tó sì fẹ́ dúpẹ́ ní Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo àwọn tó wà níbẹ̀. Ní Èkó pàápàá, ó lè jẹ́ pé olùkọ́ tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an ni kò ní gbọ́ ọ.

Gbólóhùn kan wà nínú ìdúpẹ́ yẹn tó yẹ ká dúró tì díẹ̀: èyí tó kan iléeṣẹ́ tó san owó oúnjẹ. Agbẹ̀bí náà dúpẹ́ fún oúnjẹ, ó sì dákẹ́. Ká ní iléeṣẹ́ náà ń ta abẹ́rẹ́ tí wọ́n sọ̀rọ̀ lé lórí, ó rọrùn kí ẹnu yọ̀ pé abẹ́rẹ́ wọn ló dára jù, pàápàá nígbà tí aṣojú wọn jókòó síwájú, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹgbẹ́ ni ẹni tó ń dúpẹ́ ń lò. Bí ó bá yin oògùn níbẹ̀, àwọn tó gbọ́ ọ á gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ràn ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ ò sì jókòó lé ọ̀rọ̀ yẹn rí. Iye owó tí ẹnikẹ́ni san náà kò yẹ kó jáde lẹ́nu rẹ̀, àfi bí ẹni tó san án bá ti gbà.

Bí olùkọ́ kò bá wá ṣe dáadáa ńkọ́? Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ lè pẹ́ dé, ó lè máa ka ohun tó wà lára ògiri, ó lè gba wákàtí kan àbọ̀ níbi tí wọ́n ti fún un ní ogójì ìṣẹ́jú. Àwọn tó ń dúpẹ́ máa ń ṣe ọ̀kan nínú ohun méjì níbẹ̀, méjèèjì ò sì dára. Àwọn kan á yìn ín kọjá ààlà, gbogbo ilé á sì mọ̀ pé irọ́ ni, ìyìn tó tọ́ sí olùkọ́ kejì á wá di yẹpẹrẹ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn mìíràn á fi àwàdà gún un lábẹ́rẹ́. Ohun tó yẹ ni láti wá ohun kan tó jẹ́ òótọ́, bó ti wù kó kéré tó: àwòrán kan tó fi hàn, ìbéèrè kan tó dáhùn dáadáa, ọ̀nà jíjìn tó rìn. Kí wọ́n sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, kí wọ́n sì kọjá. Bákan náà ni kò sí àyè fún ẹ̀sùn nínú ìdúpẹ́. Máìkì tó ń dún kíríkírí àti oúnjẹ tó pẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìpàdé ìgbìmọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí ẹni tó ń dúpẹ́ fẹ́ di olùkọ́ kẹta. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: «kí n kàn fi kún ohun tí Dókítà sọ». Ojú àwọn èèyàn ló ń sọ fún un pé ó ti ṣìnà. Bí àwọn tó wà nílà iwájú bá ti ń wo aago, tí alága ń tún bàtà wọ̀, tí olùkọ́ tó yẹ kó máa gba ìdúpẹ́ wá ń mi orí bí akẹ́kọ̀ọ́, kí ó fò lọ sí gbólóhùn ìkẹyìn kíákíá. Àtúnṣe rẹ̀ ò le: kò sí àlàyé nínú ìdúpẹ́. Agbẹ̀bí wa dárúkọ omi pupa, kò ṣàlàyé ìdí tí ojú fi ń tan èèyàn jẹ. Àwọn tó gbọ́ ọ ti wà níbẹ̀.

Ọwọ́ àwọn tó ń ṣètò ni ìyókù wà. Ẹni tí wọ́n bá já ìdúpẹ́ lé lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó dìde kò lè ṣe ju kó ka ìwé ètò lọ. Kí wọ́n yàn án ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí wọ́n fún un ní ìjókòó níwájú, kí wọ́n má sì fi iṣẹ́ mìíràn sí i lọ́rùn lọ́jọ́ náà, nítorí ẹni tó ń pín omi kò lè gbọ́ ẹ̀kọ́. Kí ìdúpẹ́ sì ṣáájú pípín ìwé ẹ̀rí, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ìyípadà kékeré yìí nìkan tó láti fi àwọn èèyàn sórí ìjókòó wọn.

Bẹ́ẹ̀, kò parí sínú gbọ̀ngàn. Ẹni tí wọ́n ṣe lóore lọ́sàn-án á tún lọ kí olóore ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé nìyẹn, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ náà sì ní tirẹ̀: lẹ́tà. Gbólóhùn tí agbẹ̀bí kọ sínú ìwé pélébé rẹ̀ ni kí akọ̀wé gbé sínú lẹ́tà náà, ìyẹn omi pupa fún dókítà, kúlà àti páálí fún apòògùn, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí sẹ́mínà ti wáyé. Bí olùkọ́ bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, kí wọ́n fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé irú ìwé yẹn máa ń wọ inú fáìlì, ó sì lè wúlò lọ́jọ́ ìgbéga. Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.